"Mo ti sẹ́ńdì ẹ̀", "Mi ò rí i": ọ̀nà tí ímeèlì ń tọ̀ kó tó dé ọwọ́ ẹni tá a kọ ọ́ sí

Àbúrò mi kan pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan, inú ń bí i gan-an, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, mo ti sẹ́ńdì ímeèlì yìí láti aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjì, ó wà nínú Sent mi níbí, mò ń wò ó, ẹni tí mo sì fi ránṣẹ́ sí ń sọ pé òun ò rí nǹkan kan, ṣé kì í ṣe pé ó ń parọ́ fún mi báyìí?" Mo ní rárá, kò parọ́, ìwọ náà ò sì parọ́. Lẹ́tà ẹ ti kúrò lọ́wọ́ ẹ lóòótọ́, kò tíì dé ọwọ́ tiẹ̀ ni, ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíì láàárín yín. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní "Ẹlòmíì wo?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo fẹ́ dáhùn níbí, torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa bójútó sáfà ímeèlì, ojoojúmọ́ ni mo sì ń gbọ́ ẹjọ́ yìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ímeèlì máa ń fò tààrà láti fóònù tiwọn lọ sí fóònù ẹni tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Fóònù méjèèjì yẹn ò ní bára wọn sọ̀rọ̀ rárá, láyé. Sáfà ló wà láàárín, ó sábà máa ń tó méjì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó gba lẹ́tà kó sì gbé e fún ẹni tó kàn. Ọwọ́ dé ọwọ́ ni lẹ́tà náà ń lọ, nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá sì kúrò lọ́wọ́ kan bọ́ sí ìkejì, ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta pé "mo ti gbà á, ó ti di tèmi". Tẹ́ ẹ bá ti di ibi ìgbàṣẹ́-lọ́wọ́-ara-ẹni yẹn mú, gbogbo nǹkan tó ń dààmú yín nípa ímeèlì á bẹ̀rẹ̀ sí í yé yín.

Ẹ jẹ́ ká fi lẹ́tà kan ṣoṣo ṣe é. Ká ní Bọ́lá ló ń kọ ọ́, àdírẹ́sì ẹ̀ ni bola@example.com, ó ń kọ ọ́ sí Ṣadé tí tiẹ̀ jẹ́ sade@example.org. Aago 10:02 àárọ̀ ló tẹ Send.

Nǹkan tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ni pé áàpù inú fóònù Bọ́lá lọ kan ilẹ̀kùn sáfà tiẹ̀, ìyẹn sáfà example.com, ẹ jẹ́ ká pè é ní mail.example.com. Ilẹ̀kùn tí mò ń wí yìí làwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí ń pè ní pọ́ọ̀tù, nọ́ńbà ló sì ní: 587 tàbí 465 ni fóònù máa ń gbà wọlé tó bá fẹ́ fi lẹ́tà sílẹ̀. Sáfà á kọ́kọ́ bi í pé ta nìyẹn, fóònù á fi orúkọ àti páswọ́ọ̀dù hàn, torí sáfà ò ní bá ẹni tí ò mọ̀ gbé lẹ́tà jáde, tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ tí gbogbo àwọn oníjìbìtì ayé á fi sọ ọ́ di ilé. Lẹ́yìn tó ti mọ̀ ọ́n tán, ó gba lẹ́tà náà, ó sì dáhùn. Fóònù Bọ́lá rí ìdáhùn yẹn, ló bá kọ Sent síbẹ̀.

Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn ná. Sent tí Bọ́lá rí ò sọ nǹkan kan nípa Ṣadé. Kò sọ pé ó ti dé, kò sọ pé wọ́n ti kà á, kò tiẹ̀ sọ pé àdírẹ́sì Ṣadé wà láyé yìí. Gbogbo ohun tó sọ ni pé sáfà Bọ́lá fúnra ẹ̀ ti gbà á. Ẹ le kọ ọ́ sí àdírẹ́sì tí ò sí níbì kankan, á ṣì wọ inú Sent wẹ́rẹ́.

Ó wá kan sáfà Bọ́lá báyìí láti wá ibi tó máa gbé e lọ. Ó wo àdírẹ́sì Ṣadé, àmọ́ kò wo gbogbo ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn @ nìkan ló kàn án. Ti "sade" tó wà níwájú, kò kàn án rárá, ọ̀rọ̀ ilé example.org nìyẹn, àwọn ni wọ́n mọ ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. (Ray Tomlinson ló mú àmì @ yẹn lọ́dún 1971 láti fi ya orúkọ èèyàn sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ kọ̀ǹpútà tó wà, títí dòní iṣẹ́ kan náà ló ṣì ń ṣe.) Ó wá lọ bi DNS, ìyẹn ìwé àdírẹ́sì ńlá tí gbogbo íńtánẹ́ẹ̀tì jọ ń lò, ó ní: àwọn wo ló ń gba lẹ́tà fún example.org? Èsì tó máa gbà ò ju báyìí lọ:

```
example.org.   MX   10 mx1.example.org.
example.org.   MX   20 mx2.example.org.
```

MX yẹn ló ń tọ́ka sí sáfà tó ń gba lẹ́tà. Nọ́ńbà iwájú ẹ̀ ló ń sọ ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ lọ bá, èyí tó bá kéré jù ló ṣáájú, torí náà mx1 ni wọ́n máa kọ́kọ́ lọ, tí mx1 ò bá dáhùn ni wọ́n máa tó yà sí mx2. Ibí yìí náà ni àṣìṣe ìkọ̀wé ti máa ń hàn. Tí Bọ́lá bá ṣèèṣì kọ orúkọ dòménì, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn @ yẹn, tí ò sí, DNS á ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni lẹ́tà á ti padà wá bá Bọ́lá. Èyí tó léwu ni kó kọ dòménì tó jọ ọ́ tó sì wà lóòótọ́, torí ìyẹn ò ní padà, ọwọ́ àjèjì ló máa bọ́ sí, kò sì sí sáfà kankan tó le mọ̀ pé kì í ṣe ibi tó ní lọ́kàn nìyẹn. Ẹ máa yẹ ẹ̀yìn @ wò dáadáa ju iwájú ẹ̀ lọ, mi ò fi ṣeré.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀ la dé yìí. Sáfà Bọ́lá ti mọ ilé, ó lọ kan ilẹ̀kùn mx1.example.org, pọ́ọ̀tù 25 ni sáfà fi ń bá sáfà ẹgbẹ́ ẹ̀ pàdé, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n ń sọ, lẹ́tà tí èèyàn le kà, kò sí awo kankan níbẹ̀. Èdè tí wọ́n ń sọ ló ń jẹ́ SMTP, ọdún 1982 ni wọ́n ti kọ òfin ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ti tún un ṣe látìgbà náà àmọ́ egungun ẹ̀ ò yí padà. Ẹ wo bí ìjíròrò náà ṣe máa ń lọ tí gbogbo nǹkan bá dán. Ìlà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, sáfà Ṣadé ló ń sọ ọ́, ìyókù ti sáfà Bọ́lá ni:

```
220 mx1.example.org ESMTP
EHLO mail.example.com
250 mx1.example.org
MAIL FROM:<bola@example.com>
250 OK
RCPT TO:<sade@example.org>
250 OK
DATA
354 Start mail input
From: Bola <bola@example.com>
To: Sade <sade@example.org>
Subject: Iwe ipade

Sade, iwe ipade re o.
.
250 OK
```

Ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ ẹ̀. EHLO ni ìkíni, "èmi mail.example.com ni mo dé". MAIL FROM ní "ọ̀dọ̀ bola ni lẹ́tà yìí ti wá". RCPT TO ní "sade ni ẹ bá mi fún". Ìgbà tí wọ́n bá ti gba méjèèjì ni DATA tó wọlé, ìyẹn "ó ya, ẹ gba lẹ́tà náà fúnra ẹ̀", ó wá da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, tó bá tán á fi àmì ìdánudúró kan ṣoṣo sórí ìlà tiẹ̀, ìyẹn ló ń sọ pé "ó parí".

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti wò ó dáadáa á ti rí i pé wọ́n dárúkọ Bọ́lá àti Ṣadé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan lókè nínú MAIL FROM àti RCPT TO, ẹ̀ẹ̀kan sì tún nínú lẹ́tà, níbi tí wọ́n kọ From àti To sí. Kì í ṣe àsọtúnsọ. Ti òkè yẹn ni àpò lẹ́tà, ti ìsàlẹ̀ ni ìwé tó wà nínú àpò. Àpò nìkan ni sáfà ń wò láti mọ ibi tó máa gbé e lọ, ohun tó wà lórí ìwé inú kò kàn án. Tí lẹ́tà bá sì ti délé tán, wọ́n á ya àpò náà sọ nù, ìwé inú nìkan ni Ṣadé máa rí lójú fóònù ẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn torí nǹkan méjì tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú ni wọ́n jáde látibẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni Bcc. Ọ̀pọ̀ ló ti bi mí pé báwo lèèyàn ṣe le gba lẹ́tà tí orúkọ ẹ̀ ò sí níbì kankan nínú ẹ̀. Kò sí idán níbẹ̀: ẹni tẹ́ ẹ fi sí Bcc, wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sára àpò, ó ní RCPT TO tiẹ̀ bíi ti gbogbo èèyàn, wọ́n kàn yọ orúkọ náà kúrò lórí ìwé inú ni kó tó jáde.

Ìkejì ò dára tó bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó ń kọ lẹ́tà ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ kọ From sínú ìwé, kí ló ní kó má kọ orúkọ ẹlòmíì síbẹ̀? Nínú SMTP fúnra ẹ̀, kò sí nǹkan kan tó ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí àwọn oníjìbìtì ń gbà wọlé nìyẹn, wọ́n á kọ From bíi pé ọ̀gá yín tàbí báǹkì yín ló kọ ọ́, ẹ̀yin ẹ sì gbà á gbọ́ torí òun lẹ rí. Ìdí tí wọ́n fi wá gbé àyẹ̀wò mẹ́ta sí ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn ìgbà náà nìyẹn, mo máa débẹ̀ láìpẹ́.

250 tó kẹ́yìn ìjíròrò yẹn ni kẹ́ ẹ tún wò, èyí tó tẹ̀lé àmì ìdánudúró. Àwọn 250 tó ṣáájú ẹ̀ kàn ń sọ pé "mo gbọ́" ni. Èyí tó kẹ́yìn yìí, májẹ̀mú ni. Ìgbà tí sáfà Ṣadé bá sọ ọ́, ohun tó ń sọ ni pé òun ti kọ lẹ́tà náà sílẹ̀ síbi tí ò ní sọ nù bí iná bá tiẹ̀ lọ, àti pé láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, òun ló máa fi jíṣẹ́, tí ò bá sì ṣeé jẹ́ òun gbọ́dọ̀ wí fún ẹni tó kọ ọ́. Sáfà Bọ́lá gbọ́ 250 yìí, ló bá pa ẹ̀dà tọwọ́ ẹ̀ rẹ́ kúrò lórí ìlà, tiẹ̀ ti parí. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì já gẹ́rẹ́ tí sáfà Ṣadé ti kọ lẹ́tà sílẹ̀ tán, kí 250 tó dé etí sáfà Bọ́lá ńkọ́? Sáfà Bọ́lá ò ní mọ̀ pé wọ́n ti gbà á, á padà wá, á tún gbé e fún wọn. Bí lẹ́tà kan náà ṣe ń wọlé lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, tẹ́ ẹ ó sì máa rò pé ẹni yẹn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, ó sàn kó dé lẹ́ẹ̀mejì ju kó má dé rárá.

Ìdí náà nìyẹn tí ò fi sí bẹ́ ẹ ṣe le gba ímeèlì padà tó bá ti jáde. Undo tó wà nínú Gmail, ẹ má rò pé ó sáré lọ gbà á lọ́nà, ńṣe ló kàn dì í mú fún sẹ́kọ́ńdì 5 sí 30 kó tó jẹ́ kó lọ rárá, bẹ́ ẹ ṣe yàn án.

Ó dáa, lẹ́tà Bọ́lá ńkọ́? Mo sọ pé ìjíròrò yẹn ni bó ṣe máa ń lọ tó bá dán, kò dán lọ́jọ́ náà. Ní aago 10:02 sáfà Bọ́lá dé ẹnu ọ̀nà, ó kí wọn, ó sọ MAIL FROM, ó sọ RCPT TO, ohun tí sáfà Ṣadé wá fi dá a lóhùn nìyí:

```
450 4.2.0 Greylisted, please try again later
```

Kì í ṣe pé ó lé e o. Ó ní kó máa lọ ná, kó padà wá. Àwọn sáfà kan máa ń ṣe báyìí sí àjèjì: tí wọn ò bá tíì rí kí sáfà yìí gbé lẹ́tà wá látọ̀dọ̀ ẹni yìí fún ẹni yìí rí, wọ́n á ní kó padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọgbọ́n inú ẹ̀ ni pé sáfà gidi máa padà wá, torí òfin ní kó padà wá, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń da súpáàmù síta ò ní sùúrù yẹn, wọ́n ti lọ síbòmíì. Ó ń ṣiṣẹ́, mo ti fi ojú ara mi rí bó ṣe dín súpáàmù kù, àmọ́ ẹni tó bá ń dúró de lẹ́tà kíákíá ló máa ń jẹ ìyà ẹ̀, mi ò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa lò ó níbi tí àwọn èèyàn ti ń dúró de kóòdù tó máa kú ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nọ́ńbà tó ṣáájú nínú ìdáhùn yẹn ló ń sọ gbogbo nǹkan. Tó bá fi 2 bẹ̀rẹ̀, ó ti gbà. Tó bá fi 4 bẹ̀rẹ̀, kò ṣeé ṣe báyìí, ẹ padà wá. Tó bá fi 5 bẹ̀rẹ̀, kò ṣeé ṣe, ẹ má padà wá mọ́. Torí náà 450 yìí, sáfà Bọ́lá gbé lẹ́tà náà, ó tò ó sórí ìlà lọ́dọ̀ ara ẹ̀, ó ń ka wákàtí. Ibi tí lẹ́tà wà nìyẹn nígbà tí Ṣadé ń sọ pé òun ò rí nǹkan kan tí Bọ́lá sì ń búra pé òun ti sẹ́ńdì ẹ̀. Òfin SMTP dábàá pé kí sáfà dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó tún gbìyànjú, àwọn míì máa ń yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n bá sì ti gbìyànjú tí ò ṣe é, wọ́n á máa fi àyè sáàárín ẹ̀ síwájú sí i. Ìgbà tí wọ́n bá ti ṣe é fún bí ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún tí ò bọ́ sí i ni wọ́n tó máa jáwọ́. Ẹ ò ṣìnà tẹ́ ẹ bá rí lẹ́tà tó ń sọ fún yín ní ọjọ́ Sátidé pé èyí tẹ́ ẹ kọ lọ́jọ́ Ajé ò dé, sáfà yín ló ti ń bá yín sáré láti ọjọ́ yẹn.

Ti 5 kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀. 550 ni wọ́n sábà máa ń fi sọ pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé yìí. 552 máa ń jáde tí lẹ́tà bá tóbi jù, èyí sì máa ń ya èèyàn lẹ́nu, torí wọ́n á ní fáìlì tí mo so mọ́ ọn ò ju 20MB lọ, sáfà náà ní òun ń gbà tó 25MB, kí ló dé? Ohun tó dé ni pé wọ́n ṣe ímeèlì láti máa gbé ọ̀rọ̀ ni, fáìlì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ọ̀rọ̀ kó tó wọnú ẹ̀, gbogbo báìtì mẹ́ta á di lẹ́tà mẹ́rin, torí náà 20MB yẹn ti di nǹkan bíi 27MB kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Tí sáfà Bọ́lá bá gba 5, tàbí tí ọjọ́ márùn-ún bá pé, ó di dandan kó kọ lẹ́tà sí Bọ́lá pé kò ṣeé ṣe, ìyẹn lẹ́tà tó máa ń ní Mail Delivery System tàbí mailer-daemon níwájú. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa ka lẹ́tà yẹn. Gbogbo èèyàn máa ń pa á rẹ́ torí ó dà bíi jágbajàgba, àmọ́ nínú ẹ̀ lọ́hùn-ún, nọ́ńbà tí mò ń sọ yìí wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìlà kan ṣoṣo yẹn ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹ wò ó náà pé àdírẹ́sì tó wà lára àpò, ti MAIL FROM, ni wọ́n ń dá a padà sí, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé. Tẹ́ ẹ bá wá rí kí lẹ́tà tẹ́ ẹ ò kọ máa padà wá bá yín rẹpẹtẹ, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti kọ orúkọ yín sára àpò tiẹ̀ láìbi yín, kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti wọ inú àkáǹtì yín, ẹ kàn yẹ Sent yín wò kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù tí ara bá ń fu yín.

Aago 10:32 lù, sáfà Bọ́lá padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, wọ́n jẹ́ kó wọlé, ó da lẹ́tà sílẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àyẹ̀wò mẹ́ta tí mo ní mo máa débẹ̀ nìyí. SPF ń béèrè pé dòménì tó wà lára àpò yìí, ṣé ó fọwọ́ sí i kí sáfà yìí máa gbé lẹ́tà fún òun? Inú DNS náà ni ìdáhùn wà. DKIM dà bí òǹtẹ̀ tí sáfà Bọ́lá lù sára lẹ́tà kó tó jáde, tí ẹnì kan bá yí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ padà lọ́nà, òǹtẹ̀ náà ò ní bára mu mọ́. DMARC ló wá so wọ́n pọ̀ mọ́ From tí Ṣadé máa fojú rí: ṣé orúkọ tó wà nínú ìwé bá èyí tí SPF tàbí DKIM jẹ́rìí sí mu? Tí ò bá bá a mu, ẹni tó ni dòménì ti kọ ọ́ sílẹ̀ ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n máa tó wo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ àti orúkọ rere tàbí burúkú tí sáfà yẹn ní, tí wọ́n á fi pinnu bóyá ínbọ́ọ̀sì ni àbí fódà Spam.

Ìdí kan nìyẹn tí "mi ò rí i" fi máa ń jẹ́ òótọ́ pátápátá nígbà tí lẹ́tà ti délé. Sáfà Ṣadé le sọ 250, kó gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, kó wá lọ jù ú sínú Spam. Bọ́lá ò ní gba lẹ́tà kankan padà, torí lójú sáfà, wọ́n ti jíṣẹ́. Torí náà tí ohunkóhun ò bá padà wá, tí ọjọ́ márùn-ún sì ti kọjá, Spam ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ní kí ẹni yẹn lọ wò.

Lẹ́tà Bọ́lá ò lọ sí Spam. Ó wọ inú àpótí Ṣadé lórí sáfà, fóònù Ṣadé sì wá mú un látibẹ̀ pẹ̀lú IMAP, èdè míì tó yàtọ̀ sí SMTP, tí fóònù fi ń wo ohun tó wà nínú àpótí láìkó o kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí lẹ́tà kan náà lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà.

Báwo ni mo ṣe wá mọ gbogbo aago yìí? Mi ò bá wọn débẹ̀, lẹ́tà náà ló sọ fún mi. Sáfà kọ̀ọ̀kan tó bá gbà á máa ń kọ ìlà kan lé e lórí, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Received, ó ń sọ ẹni tó gbé e wá, ẹni tó gbà á, àti aago. Áàpù yín máa ń fi pa mọ́, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Show original tàbí View source sí. Ti lẹ́tà Bọ́lá, mo gé e kúrú díẹ̀:

```
Received: from mx1.example.org
    by store.example.org; Tue, 4 Mar 2025 10:32:16 +0100
Received: from mail.example.com
    by mx1.example.org; Tue, 4 Mar 2025 10:32:14 +0100
Received: from [203.0.113.40]
    by mail.example.com; Tue, 4 Mar 2025 10:02:09 +0100
```

Ìsàlẹ̀ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ kíkà, torí orí èyí tó wà níbẹ̀ ni sáfà kọ̀ọ̀kan ń gbé tiẹ̀ lé. Ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá ni fóònù Bọ́lá, 10:02:09 ni sáfà ẹ̀ gbà á. Ìlà àárín, 10:32:14 ni sáfà Ṣadé gbà á. Ìlà òkè, sẹ́kọ́ńdì méjì lẹ́yìn ẹ̀, ó ti wà nínú àpótí. Ẹ fi ọ̀kan yọ ọ̀kan: láti ìsàlẹ̀ sí àárín, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àti sẹ́kọ́ńdì márùn-ún. Ibẹ̀ ló ti pẹ́, láàárín sáfà méjèèjì, lẹ́tà wà lórí ìlà lọ́dọ̀ mail.example.com ní gbogbo àsìkò yẹn. Fóònù Bọ́lá ò jẹ̀bi, fóònù Ṣadé ò jẹ̀bi. Ẹ kàn ṣọ́ra fún nǹkan méjì: +0100 yẹn ni àsìkò ibi tí sáfà wà, tí ó bá yàtọ̀ láti ìlà kan sí ìkejì ẹ kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọ̀kan náà kẹ́ ẹ tó yọ wọ́n, kẹ́ ẹ má lọ rò pé lẹ́tà sùn fún wákàtí márùn-ún nígbà tó jẹ́ sẹ́kọ́ńdì márùn-ún ni. Ìkejì, èyí tí sáfà tiyín kọ nìkan lẹ le fọwọ́ sọ̀yà lé lórí, torí oníjìbìtì le ti kọ ìlà Received èké sísàlẹ̀ kó tó gbé lẹ́tà wá.

Mo fi àwọn ìlà mẹ́ta yẹn ránṣẹ́ sí àbúrò mi, torí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ náà ni mo fi ṣe gbogbo àlàyé yìí, mo kàn pààrọ̀ orúkọ ni. Ó kà á láti ìsàlẹ̀ bí mo ṣe ní kó kà á, ó ní "Háà, kò parọ́ lóòótọ́." Ó pe ẹni náà, ó bẹ̀ ẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ó tún kọ lẹ́tà míì sí i, sáfà náà rántí pé àwọn ti rí orúkọ yìí láàárọ̀, kò ní kó padà wá mọ́, sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta ló gbà á kó tó délé.